Ìtọ́kasí tí a kọ́pì láti inú PDF tó wá dàrú: ìbéèrè àti ìdáhùn

Iṣẹ́ títẹ àpilẹ̀kọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gboyè ni mo fi ń jẹun. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń gbé wá, àtòjọ ìwé ìtọ́kasí ló máa ń gba àkókò mi jù, torí ọ̀pọ̀ wọn ló ti kọ́pì rẹ̀ láti inú PDF, tí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ Word bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń bi mí ni mo kó jọ síbí. Word ni mo fi ṣe àlàyé, torí òun ló wà lórí kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀ èèyàn.

Kí ló dé tí ohun tó dára lójú nínú PDF fi ń já jálajàla tí mo bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ Word?

Torí pé ohun tí ẹ rò pé ó wà nínú PDF kọ́ ló wà níbẹ̀. Lójú tiwa, ìpínrọ̀ ni à ń rí. Lójú fáìlì náà, lẹ́tà ni, olúkúlùkù pẹ̀lú ibi tó yẹ kó dúró sí lórí ojú ìwé. Ọ̀pọ̀ PDF kò mọ̀ pé ìlà kejì jẹ́ ìtẹ̀síwájú ìlà kìíní. Kò mọ̀ pé háífíìnì, ìyẹn àmì (-) tó wà ní ìparí ìlà, kàn jẹ́ ohun tí atẹ̀wé fi gé ọ̀rọ̀ kó lè bá etí ìwé mu. Àkọlé tó wà lókè ojú ìwé kọ̀ọ̀kan náà, lẹ́tà bíi ti ìyókù ni lójú rẹ̀. Tí ẹ bá wá fa asin láti ojú ìwé kan dé òmíràn, gbogbo rẹ̀ ló máa tẹ̀ lé yín.

Àpẹẹrẹ tí a máa lò títí nìyí. Ìwé méjì péré ni, àwọn tó kọ́ èdè àti ìtàn Yorùbá á mọ̀ wọ́n dáadáa:

```
Abraham, R. C. (1958). Dictionary of mod-
ern Yoruba. London: University of Lon-
214 REFERENCES
don Press.
Ellis, A. B. (1894). The Yoruba-
speaking peoples of the Slave Coast of
West Africa. London: Chapman and Hall.
```

Ìlà méje fún ìwé méjì. Ẹ wo ìlà kẹta dáadáa: àkọlé ojú ìwé ti já wọ àárín ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó ya "Lon" sọ́tọ̀ kúrò lára "don". Ẹ sì tún wo háífíìnì mẹ́ta tó wà ní ìparí ìlà. Méjì nínú wọn kò yẹ kó wà níbẹ̀, ìkẹta ni ti òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà iṣẹ́ yìí wà.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀dà kan pamọ́ bó ṣe rí, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Ctrl+Shift+8 kí Word lè fi àwọn àmì tó ń fi pamọ́ hàn yín. Tí ẹ bá rí ¶ ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan, `^p` ni orúkọ tí ẹ máa fi wá a. Tó bá jẹ́ ọfà kékeré tó tẹ̀ ni ẹ rí, `^l` ni. Ẹ ó rí àwọn tó ti lo wákàtí kan gbáko tí wọ́n ń wá `^p` nínú ìwé tó jẹ́ pé `^l` ló kún inú rẹ̀, tí Word sì ń dá wọn lóhùn pé òdo ni òun rí. Tí ẹ bá bá `^l`, ẹ fi `^p` rọ́pò gbogbo rẹ̀ kí ohun tó kù lè rọrùn.

Ohun kan tún wà tí ojú kì í tètè rí: àlàfo tó lẹ̀ mọ́ ìparí ìlà. Tó bá wà lẹ́yìn háífíìnì, ohun tí ẹ bá ń wá kò ní bá a mu. Ẹ wá àlàfo kan pẹ̀lú `^p`, ẹ fi `^p` nìkan rọ́pò, ẹ tún un ṣe títí Word á fi sọ pé kò sí mọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tọ́jú ètò iṣẹ́ yìí, torí bí ẹ bá gbé èyí tó kẹ́yìn síwájú, ẹ máa kàbámọ̀: ẹ sàmì sí ibi tí ìtọ́kasí kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, ẹ yọ àkọlé ojú ìwé, ẹ yanjú háífíìnì, kí ẹ tó wá so ìlà pọ̀. Tí ẹ bá so ìlà pọ̀ kí ẹ tó yọ àkọlé, "214 REFERENCES" á wọ àárín gbólóhùn, kò sì ní sí ohun tó máa yà á sọ́tọ̀ mọ́.

Báwo ni mo ṣe ń sàmì síbi tí ìtọ́kasí kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ tẹ `@@` síwájú orúkọ òǹkọ̀wé kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ ni mo fi ń ṣe é, ojú mi sì máa ń wà lórí PDF bí mo ṣe ń ṣe é. Fún ọgọ́rin ìtọ́kasí, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń fẹ́ kí kọ̀ǹpútà dá a mọ̀ fúnra rẹ̀: ìlà tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ, kọ́mà àti lẹ́tà ńlá. Ó máa ń mú èyí tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ó máa ń kọsẹ̀ lára àwọn tó jọ kọ̀wé. Ẹ wo èyí:

```
Watson, J. D., &
Crick, F. H. C. (1953). Molecular struc-
ture of nucleic acids. Nature, 171, 737–
738.
```

Ìlà kejì jọ ìbẹ̀rẹ̀ ìtọ́kasí tuntun látòkèdélẹ̀, ó tilẹ̀ ní ọdún. Kì í ṣe tuntun. Àmì `&` tó parí ìlà tó ṣáájú ló sọ bẹ́ẹ̀. Kọ́mà náà lè jẹ́ ẹlẹ́rìí: ìlà tó bá parí sí kọ́mà kò tíì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ ka iye `@@` tí ẹ tẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. A máa padà lò ó.

Àkọlé ojú ìwé wà ní ọgbọ̀n ibi, nọ́ńbà wọn ò sì jọra. Ṣé kí n máa pa wọ́n rẹ́ níkọ̀ọ̀kan ni?

Rárá o. Word ní `^#` tó dúró fún nọ́ńbà èyíkéyìí láti 0 dé 9. Ẹ ṣí Ctrl+H, kí ẹ sì tẹ èyí:

```
Find what:     ^p^#^#^# REFERENCES
Replace with:
```

Ẹ fi àyè kejì sílẹ̀ lófìfo. `^p` tó ṣáájú ló bá àkọlé lọ, èyí tó tẹ̀ lé e sì dúró, nítorí náà "Lon-" á wà ní ìparí ìlà tirẹ̀, "don Press" á sì wà lábẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ kó wà. Fún ojú ìwé tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ méjì, ẹ yọ `^#` kan kúrò. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé, àkọlé apá òsì àti ti apá ọ̀tún kì í jọ ara wọn: orúkọ ìwé lè wà ní ọ̀kan, kí orúkọ orí ìwé wà ní ìkejì, kí nọ́ńbà sì wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ dípò iwájú. Ẹ wá oríṣi méjèèjì.

Níbi tí mo ti máa ń ṣọ́ra jù ni ìlà tó jẹ́ nọ́ńbà nìkan. Ẹ padà wo àpẹẹrẹ Watson àti Crick lókè: "738." dá dúró lórí ìlà tirẹ̀, bíi nọ́ńbà ojú ìwé. Tí ẹ bá pàṣẹ pé kí Word pa gbogbo ìlà oní-nọ́ńbà mẹ́ta rẹ́, irú rẹ̀ tí kò ní àmì ìdánudúró lẹ́yìn á bá a lọ, ìtọ́kasí á sì kù sí "737–" láìní ìparí. Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n ni pé nọ́ńbà ojú ìwé gidi ń tẹ̀ léra: 213, 214, 215. Èyí tí kò bá sí nínú ẹ̀ka yẹn, ara ìtọ́kasí ni. Nítorí náà, níbí yìí, ẹ máa tẹ Find Next, ẹ wò ó, kí ẹ tó tẹ Replace. Ẹ má tẹ Replace All.

Kí ni mo máa ṣe sí háífíìnì? Mo ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ nígbà kan rí, ó sì dàrú.

Èmi náà ti ṣe é. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ni, mo pàṣẹ kí Word yọ háífíìnì kúrò nínú àtòjọ akẹ́kọ̀ọ́ kan. Ojú ìwé "357-362" di "357362", mi ò rí i, òun náà ò rí i, ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ ló rí i. Mo tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Háífíìnì tó wà láàárín ìlà kò ṣẹ̀ wá. Èyí tó wà ní ìparí ìlà nìkan ló kàn wá, òun náà sì jẹ́ oríṣi méjì. Èkíní ni tí atẹ̀wé fi gé ọ̀rọ̀, bíi "mod-" àti "ern". Ìkejì ni èyí tó jẹ́ ara ọ̀rọ̀ tó kàn ṣe kòńgẹ́ ìparí ìlà, bíi "Yoruba-" àti "speaking" nínú orúkọ ìwé Ellis. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan náà ni wọ́n. Tí ẹ bá yọ méjèèjì, ẹ ó ní "modern", èyí dára, ẹ ó sì ní "Yorubaspeaking", èyí tí kò sí níbì kankan láyé. Tí ẹ bá fi méjèèjì sílẹ̀, ẹ ó ní "Yoruba-speaking" tó dára àti "mod-ern" tó ń dójú tì yín.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mi ò kọ́kọ́ dájọ́. Mo máa fi àmì kan tí kò sí níbòmíràn rọ́pò gbogbo wọn:

```
Find what:     -^p
Replace with:  ##
```

Ẹ lè tẹ Replace All níbí láìbẹ̀rù, torí ẹ ò tíì pàdánù nǹkan kan. Àpẹẹrẹ wa á wá rí báyìí:

```
@@Abraham, R. C. (1958). Dictionary of mod##ern Yoruba. London: University of Lon##don Press.
@@Ellis, A. B. (1894). The Yoruba##speaking peoples of the Slave Coast of
West Africa. London: Chapman and Hall.
```

Wàyí o, ẹ wá `##` ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka ọ̀rọ̀ náà sókè tó bá gbà bẹ́ẹ̀. Tí apá méjèèjì kò bá lè dá dúró, "mod" àti "ern", ẹ yọ ọ́. Tí apá méjèèjì bá jẹ́ odidi ọ̀rọ̀, ẹ dúró kí ẹ wò ó: "Yoruba" jẹ́ ọ̀rọ̀, "speaking" jẹ́ ọ̀rọ̀, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí háífíìnì jẹ́ ti òǹkọ̀wé. Òfin yìí máa ń tanni jẹ nígbà mìíràn, torí "text" àti "book" pẹ̀lú jẹ́ odidi ọ̀rọ̀, síbẹ̀ "textbook" ni à ń kọ. Níbi tó bá ti rú yín lójú, ẹ wá orúkọ ìwé náà nínú káńtálọ́ọ̀gù yàrá ìkàwé, ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́ níbẹ̀. Orúkọ èèyàn tó ní háífíìnì náà nílò irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Ẹ má dá a lẹ́jọ́ látinú orí.

Nínú àtòjọ ọgọ́rin ìtọ́kasí, `##` lè tó àádọ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé ó ń rẹni.

Mo ti yanjú háífíìnì. Báwo ni mo ṣe ń so ìlà pọ̀?

Ìgbésẹ̀ méjì péré ló kù. Ẹ fi àlàfo kan rọ́pò `^p` gbogbo. Ohun gbogbo á di ìpínrọ̀ gbọọrọ kan ṣoṣo tó ń dẹ́rù bani. Ẹ má fòyà, `@@` ṣì wà níbẹ̀. Ẹ wá fi èyí tú u ká:

```
Find what:      @@
Replace with:  ^p
```

Àlàfo kan wà ṣáájú `@@` nínú àyè àkọ́kọ́, ẹ má gbàgbé rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan á parí sí àlàfo. `@@` tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá kò ní àlàfo níwájú, ọwọ́ lẹ ó fi pa á rẹ́. Tó bá jẹ́ pé Notepad++ lẹ̀ ń lò, ẹ yan Regular expression, kí ẹ sì lo `\R` níbi tí mo ti kọ `^p`. Tí ó bá kan ibi ìrọ́pò, `\r\n` ni.

Líǹkì DOI mi kò ṣí mọ́ lẹ́yìn tí mo tún un ṣe.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ yọ háífíìnì tó jẹ́ ara rẹ̀. DOI kì í ṣe ọ̀rọ̀, nítorí náà òfin "odidi ọ̀rọ̀" tí mo sọ lókè kò kàn án. Ẹ wo ti àpilẹ̀kọ NumPy tó jáde nínú ìwé ìròyìn Nature lọ́dún 2020, bó ṣe máa ń rí tí ìlà bá gé e:

```
https://doi.org/10.1038/s41586-020-
2649-2
```

Háífíìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti DOI ni. Tí ẹ bá yọ èyí tó wà ní ìparí ìlà, ojú ìwé tó máa ṣí á kọ "DOI Not Found" sí yín lójú. Tó bá jẹ́ pé ibi àmì `/` ni ìlà ti gé, wàhálà tirẹ̀ yàtọ̀: síso ìlà pọ̀ á fi àlàfo sáàárín líǹkì, apá àkọ́kọ́ nìkan ló sì máa jẹ́ líǹkì. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti so ìlà pọ̀, ẹ wá `/` tó ní àlàfo lẹ́yìn, kí ẹ so wọ́n mọ́ra. Kò sí ìwádìí mìíràn tó dá mi lójú ju kí n tẹ líǹkì kọ̀ọ̀kan kí n wo àpilẹ̀kọ tó ṣí. Ìwé òfin títẹ líǹkì lè sọ pé kí a má fi háífíìnì kún DOI níbi tí ìlà bá gé, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ atẹ̀wé mìíràn ò gbọ́ ìyẹn, ó sì máa ń fi tirẹ̀ kún un. Nítorí náà, tí èyí tó ní háífíìnì kò bá ṣí, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tún un dán wò.

Tí DOI bá wà, ṣé kò kúkú yá kí n fi Zotero fà á wọlé ju kí n máa ran àkísà?

Ó yá jù, ohun tí èmi náà ń ṣe nìyẹn. Ẹ tẹ àmì ọ̀pá idán tó wà lókè Zotero, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Add Item by Identifier, ẹ lẹ DOI mọ́ ọn, ìtọ́kasí á wọlé ní mímọ́. DOI méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ bá tún ṣe dáadáa lè gbà yín lọ́wọ́ ìlà mẹ́wàá. Ìwé tó ní ISBN náà ń gba ibẹ̀ wọlé.

Ìṣòro ni pé àwọn ìwé tí àwọn tó ń kọ nípa Yorùbá máa ń tọ́ka sí jù ló ti pẹ́. Ti Ellis jẹ́ ti 1894, ti Abraham jẹ́ ti 1958, ISBN kò sì tíì sí nígbà náà. Àwọn wọ̀nyí lẹ ó fọwọ́ tún ṣe. Àtúntẹ̀ tún lè ṣì yín lọ́nà. Ìwé William Bascom lórí Ifá jáde ní 1969, wọ́n sì tún un tẹ̀ ní 1991. Tí ẹ bá fi ISBN àtúntẹ̀ fà á, 1991 ni Zotero á kọ, nígbà tó jẹ́ pé 1969 ló wà nínú àpilẹ̀kọ yín. Ẹ máa wo ọdún.

Ṣé kò sí bí mo ṣe lè gé àkọlé ojú ìwé dànù kí n tó kọ́pì rárá?

Ó wà, tí ẹ ò bá bẹ̀rù láti tẹ àṣẹ. Ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú Poppler tó ń jẹ́ `pdftotext`. Ó lè gé apá tí ẹ bá yàn nínú ojú ìwé. Ojú ìwé A4 fẹ̀ tó 595, ó sì ga tó 842, ní ìwọ̀n pọ́ìntì tí 72 rẹ̀ jẹ́ ínṣì kan. Tí àkọlé bá wà láàárín 60 àkọ́kọ́, tí nọ́ńbà sì wà láàárín 60 ìkẹyìn:

```
pdftotext -layout -f 213 -l 221 -x 0 -y 60 -W 595 -H 722 iwe.pdf itokasi.txt
```

`-layout` ni kò ní jẹ́ kó yọ háífíìnì ìparí ìlà fúnra rẹ̀, kó má bàa sọ "Yoruba-speaking" di "Yorubaspeaking" láìsọ fún yín. `-f` àti `-l` ni ojú ìwé àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n ojú ìwé nínú fáìlì ni wọ́n ń kà, kì í ṣe nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé. Àwọn ojú ìwé iwájú tí wọ́n fi i, ii, iii kà máa ń mú kí méjèèjì yàtọ̀. Tó bá jẹ́ ìwé oní-òpó méjì tí àwọn ìlà òpó òsì àti ọ̀tún ń wọ ara wọn, àṣẹ yìí náà ló máa gbà yín: ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, `-x 0 -W 298` fún òsì, `-x 298 -W 297` fún ọ̀tún. Háífíìnì ṣì ń dúró dè yín lẹ́yìn rẹ̀ o.

Àmì orí àti ìsàlẹ̀ lẹ́tà Yorùbá ń sá kúrò níbi tó yẹ kó wà.

Ṣ nínú orúkọ Bamgboṣe lè di "Bamgbos.e", tàbí kí àmì ìsàlẹ̀ fò sórí lẹ́tà kejì. Kò sí àwárí àti ìrọ́pò tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé fún èyí, torí PDF kọ̀ọ̀kan ló ní bí ó ṣe ń ṣìnà. Ẹ tún orúkọ náà tẹ̀ láti orí bọ́ọ̀dù yín, kí ẹ máa wo àwòrán ojú ìwé, kì í ṣe ohun tí ẹ lẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ní "fi" náà máa ń ní àrùn tó fara pẹ́ ẹ: méjèèjì lè wọlé bíi lẹ́tà kan ṣoṣo, `ﬁ`, tí ẹ bá sì wá "scientific" Word á ní òun kò rí i. Ẹ kọ́pì lẹ́tà náà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyè Find what, kí ẹ fi "fi" tí ẹ fọwọ́ tẹ̀ rọ́pò rẹ̀.

Ìwé tí wọ́n ya bíi fọ́tò ńkọ́?

Ìyẹn ni a ń pè ní skáànù, iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń méfò lẹ́tà níbẹ̀, ó lè ka 1 sí l, ka 0 sí O. Nínú ọdún àti nọ́ńbà ojú ìwé, kò sí ohun tó máa pariwo fún yín. Tí kò bá ju ogún ìtọ́kasí lọ, èmi máa ń tún un tẹ̀ ni.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti mọ́?

Ẹ ka ìpínrọ̀ tó wà, kí ẹ wò ó bóyá ó bá iye `@@` tí ẹ kọ sílẹ̀ mu. Tó bá dín, méjì ti lẹ̀ mọ́ra. Tó bá pọ̀ sí i, ẹ ti pín ọ̀kan sí méjì. Ẹ wá `##`, kò gbọdọ̀ sí. Ẹ wá háífíìnì tó ní àlàfo lẹ́yìn. Ìyẹn ni àwọn tí àlàfo ìparí ìlà fi pamọ́ fún yín. Ẹ wá ọ̀rọ̀ tó wà nínú àkọlé ojú ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i, torí nígbà mìíràn ó máa ń kù ọ̀kan tó ní nọ́ńbà onílẹ́tà méjì. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan láti òkè délẹ̀. Àtòjọ náà gbọ́dọ̀ máa lọ ní ètò a, b, d. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Crick ni mo bá láàárín àwọn W.